Ẹni Tó Bá Dákẹ́: Níbo Ló Yẹ Kí API Kọ Ẹ̀dà Rẹ̀ Sí?

Lọ́dún 2017, Stripe, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ tún ohun kékeré kan ṣe. Nígbàkígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí àkáǹtì oníṣòwò, yálà owó wọlé ni tàbí wọ́n dá owó padà fún oníbàárà, Stripe máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, oníṣòwò sì lè fi ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀ béèrè àkọsílẹ̀ náà. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ nọ́ńbà ìbéèrè tó fa ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀hún. Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí:

```
"request": "req_123"
```

Stripe fẹ́ fi nǹkan kejì kún un, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí oníṣòwò fi ń rí i dájú pé wọn ò yọ owó kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi fóònù sanwó rí, tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì já lójijì, mọ ìdí tí irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ fi wúlò. Ètò tó ń sanwó ò mọ̀ bóyá owó ti lọ tàbí kò tíì lọ, ló bá tún ìbéèrè náà fi ránṣẹ́. Bí kọ́kọ́rọ́ kan náà bá wà lára ìbéèrè méjèèjì, Stripe á mọ̀ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, kò sì ní yọ owó lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìlà náà ṣe wá yí padà nìyí:

```
"request": {
  "id": "req_123",
  "idempotency_key": "abc-456"
}
```

Lójú èèyàn, àtúnṣe rere ni. Lójú ètò tí oníṣòwò ti kọ kó tó di ìgbà náà, nǹkan ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ètò náà ń retí, àpò tó ní ohun méjì nínú ló wá bá. Bó bá jẹ́ èdè Go ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó kọ̀ láti ka àkọsílẹ̀ náà, kí iṣẹ́ sì dúró. Bó bá jẹ́ JavaScript ni, ohun tó burú ju ìyẹn lọ lè ṣẹlẹ̀: iṣẹ́ ò ní dúró rárá, ètò náà á kàn máa kọ `[object Object]` síbi tó yẹ kí nọ́ńbà wà nínú ìwé ìṣirò, títí di ọjọ́ tí ẹnì kan á fẹ́ tọpa owó tó sọnù, tí kò sì ní rí nọ́ńbà kankan tọ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín, ẹ lọ wo bóyá ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tẹ́lẹ̀ ti di àpò.

API ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀nà tí ètò kan ń gbà bá ètò mìíràn sọ̀rọ̀. Àdéhùn ni: bí o bá béèrè báyìí, báyìí ni màá ṣe dá ọ lóhùn. Ẹni tó ni API lè fẹ́ yí àdéhùn náà padà, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú kọ̀ǹpútà gbogbo oníbàárà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà kó lọ bá wọn tún ètò wọn kọ. Dandan ni kí àdéhùn àtijọ́ àti ti titun jọ máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan. Ẹ̀dà ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ibi mẹ́ta ló sì wọ́pọ̀ tí ètò tó ń béèrè ti lè sọ ẹ̀dà tó fẹ́: nínú àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, nínú hẹ́dà, ìyẹn àwọn ìlà kúkúrú tó máa ń ṣíwájú ìbéèrè, tàbí nínú orúkọ irú àkóónú tó fẹ́ gbà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò ti ń jiyàn lórí èwo ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè kan wà lábẹ́ àríyànjiyàn yẹn tí mo gbà pé òun gan-an ló yẹ ká fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: kí ni ẹni tí kò sọ ẹ̀dà kankan máa rí gbà? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó bá ni API kò gbọ́dọ̀ gba òwe yẹn láyè, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ètò tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kò ní sọ nǹkan kan.

Àtúnṣe wo ló ń fẹ́ ẹ̀dà titun?

Kì í ṣe gbogbo àtúnṣe ló ń ba nǹkan jẹ́. GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ ètò ń kó iṣẹ́ wọn pa mọ́ sí, ti pín àwọn àtúnṣe API rẹ̀ sí ọ̀nà méjì nínú ìwé ìlànà rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìlà titun kún ìdáhùn, tàbí wọ́n fi ohun tí kò pọn dandan kún ohun tí èèyàn lè béèrè, ètò àtijọ́ ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ìlà kan kúrò, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ di àpò bí Stripe ti ṣe, tàbí tí wọ́n sọ ohun tó jẹ́ tìfẹ́ tìfẹ́ di dandan, ẹ̀dà titun ló kù.

Apá kejì àdéhùn yìí wà lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè. Bí ètò rẹ̀ bá ń kígbe nígbà tó bá rí ìlà tí kò mọ̀, kò sí ìgbà tí ẹni tó ni API lè fi ohunkóhun kún ìdáhùn láìbà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n nílò nínú ìdáhùn, kí wọ́n sì fojú fo èyí tí wọn ò mọ̀. Bí ìhà méjèèjì bá pa èyí mọ́, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni nílò ẹ̀dà titun.

Nọ́ńbà inú àdírẹ́sì

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣàlàyé ni kí nọ́ńbà ẹ̀dà wà nínú àdírẹ́sì. Flutterwave, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ilẹ̀ Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, ń lò ó:

```
https://api.flutterwave.com/v3/payments
```

`v3` tó wà láàárín yẹn ni ẹ̀dà. Lọ́nà yìí, bí ẹ̀dà titun bá jáde, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á pààrọ̀ nọ́ńbà náà, ẹni tí kò bá sì tíì múra á dúró síbi tó wà.

Ohun tó mú kí ọ̀nà yìí wọ́pọ̀ ni pé kò fi nǹkan pa mọ́. Èèyàn lè kọ àdírẹ́sì náà sórí pátákó, ó lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ tó ń dá oníbàárà lóhùn á sì mọ ẹ̀dà tó ń lò lójú ẹsẹ̀. Sáfà máa ń kọ àdírẹ́sì gbogbo ìbéèrè tó wọlé sínú ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, nítorí náà kíka àwọn tó ṣì wà lórí ẹ̀dà àtijọ́ ò le. Àwọn ibi ìpamọ́ tó wà láàárín ọ̀nà, tí wọ́n máa ń tọ́jú ìdáhùn kan kí wọ́n lè fún ẹlòmíràn láìpadà lọ bá sáfà, kò sì ní ṣi ẹ̀dà kan mú fún òmíràn, nítorí àdírẹ́sì wọn ò dọ́gba.

Àbùkù rẹ̀ wà nínú bí nọ́ńbà náà ṣe gbòòrò tó. Ẹ jẹ́ ká fi àtúnṣe Stripe wò ó. Ìlà kan ṣoṣo ló yí padà nínú gbogbo API wọn. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n gbára lé, wọ́n ní láti sọ `v1` di `v2` nítorí ìlà yẹn, kí oníṣòwò tó fẹ́ ẹ sì kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àdírẹ́sì titun, títí kan àwọn ibi tí nǹkan kan ò ti yí padà. Kò sí ẹni tó máa fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn tó ń lo ọ̀nà yìí máa ń kó àtúnṣe jọ fún ọdún púpọ̀, wọ́n á wá tú u jáde lẹ́ẹ̀kan, ìṣípòpadà náà á sì wá di ẹrù ńlá fún oníbàárà.

Àbùkù kejì ni pé ohun kan ṣoṣo wá ní àdírẹ́sì méjì. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ti kọ àdírẹ́sì tó ní `v1` nínú sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìwé owó kan, tí ilé-iṣẹ́ kejì sì kọ èyí tó ní `v2`, kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé ìwé owó kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó gba ti Roy Fielding gbọ́, ọ̀mọ̀wé tó fún REST lórúkọ nínú ìwé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Irvine lọ́dún 2000, kò fi fẹ́ràn kí nọ́ńbà wà nínú àdírẹ́sì.

Ẹni tó dákẹ́ ńkọ́? Àwọn kan rò pé kò sí ẹni tó lè dákẹ́ níbi tí nọ́ńbà bá ti wà nínú àdírẹ́sì, ṣùgbọ́n ìtàn Facebook fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní April 2014, Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sí àdírẹ́sì Graph API rẹ̀, ó sì ṣèlérí pé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á pẹ́ tó ọdún méjì ó kéré tán. Wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn áàpù àtijọ́ tí kò kọ nọ́ńbà kankan; ẹ̀dà tó gbó jù lọ tí áàpù náà láṣẹ láti lò ni wọ́n ń fún un. Ìtọ́jú tó dára ni, títí di ọjọ́ tí èyí tó gbó jù náà fi kú. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù April 2015, wọ́n pa v1.0 tì, àwọn tó dákẹ́ sì bọ́ sínú v2.0. Nínú ẹ̀dà titun yìí, bí áàpù bá béèrè àwọn ọ̀rẹ́ ẹnì kan, àwọn ọ̀rẹ́ tí àwọn náà ń lo áàpù yẹn nìkan ló máa rí. Ìdáhùn ń wá bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan lójú sáfà, orúkọ inú rẹ̀ ló kàn dín kù. Ìbàjẹ́ tí kò pariwo nira láti rí. Ẹni tó bá ń ka iye orúkọ tó ń wọlé lójoojúmọ́ nìkan ló lè tètè fura.

Ọjọ́ inú hẹ́dà

Stripe gba ọ̀nà mìíràn. `v1` wà nínú àdírẹ́sì rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo àtúnṣe tí à ń sọ yìí ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé `v1` yẹn mira. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń pe ẹ̀dà, inú hẹ́dà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí:

```
curl https://api.stripe.com/v1/events/evt_123 \
  -u "$STRIPE_KEY:" \
  -H "Stripe-Version: 2017-05-25"
```

Ẹni tó bá kọ `2017-05-25` á rí àpò. Ẹni tó bá kọ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ á rí ọ̀rọ̀ lásán. Àdírẹ́sì ìṣẹ̀lẹ̀ náà ò yí padà, oníṣòwò sì lè gbé ìbéèrè kan ṣoṣo lọ sí ẹ̀dà titun kó fi dán an wò, kí gbogbo èyí tó kù dúró síbi tí wọ́n wà.

Ohun tí Stripe ṣe fún ẹni tó dákẹ́ ló wú mi lórí jù. Lọ́jọ́ tí àkáǹtì kan bá kọ́kọ́ bá API wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀dà tó wà lóde lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí kò bá sọ ẹ̀dà, ẹ̀dà tí wọ́n so mọ́ àkáǹtì rẹ̀ ló máa gbà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Oníṣòwò tó kọ ètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì gbàgbé rẹ̀ kò ní jí lọ́jọ́ kan kó rí i pé ìṣirò òun ti dàrú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa yan ọjọ́ tó bá wù ú láti ṣí lọ.

Iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ìrọ̀rùn yìí ò kéré. Kí Stripe má baà kọ ètò rẹ̀ lọ́nà ọgọ́rùn-ún fún ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún, ẹ̀dà tó titun jù nìkan ni ètò wọn gan-an mọ̀. Bí ìdáhùn bá ti jáde ní ẹ̀dà titun, wọ́n á mú un padà sẹ́yìn ní ìpele ìpele. Àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní ègé ètò kékeré tirẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti ìlà wa yìí á ṣí àpò náà, á mú `id` jáde, á sì fi í sípò àpò bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó wà lórí ẹ̀dà ọdún tó kọjá, ìpele díẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó wà lórí ẹ̀dà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, gbogbo àtẹ̀gùn náà ni ìdáhùn rẹ̀ máa tẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ààlà ọgbọ́n yìí wà. Àtúnṣe tó bá yí ìrísí ìdáhùn nìkan padà ṣeé dá padà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá yí ohun tí ètò ń ṣe padà, bí ìgbà tí wọ́n bá yí àkókò tí owó ń kúrò padà, kò ṣeé fi ègé kékeré ṣí kúrò lẹ́yìn ìdáhùn. Ó ní láti wọ àárín iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni ètò sì ti ń di èyí tí ọwọ́ ò ká mọ́.

Ibì kan tún wà tí hẹ́dà ò lè ràn wá lọ́wọ́. Kì í ṣe oníṣòwò nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Nígbà míì, Stripe fúnra rẹ̀ ló ń kàn sí sáfà oníṣòwò láti sọ pé owó ti wọlé. Nínú irú ìfitónilétí bẹ́ẹ̀, oníṣòwò ò béèrè nǹkan kan, nítorí náà kò sí hẹ́dà tó lè fi sọ ẹ̀dà tó fẹ́. Ẹ̀dà àkáǹtì, tàbí èyí tí wọ́n yàn nígbà tí wọ́n ń forúkọ àdírẹ́sì ìfitónilétí sílẹ̀, ni Stripe máa lò. Oníṣòwò tó bá gbé gbogbo ìbéèrè rẹ̀ lọ sí ẹ̀dà titun tó sì gbàgbé ìfitónilétí á máa rí àpò níhìn-ín, ọ̀rọ̀ lásán lọ́hùn-ún, fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà. Bí ètò yín bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ó bá lọ béèrè, tó sì ń kọsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ sí i, ẹ yẹ ẹ̀dà tó wà ní ìhà méjèèjì wò kí ẹ tó yẹ ohun mìíràn wò.

Ẹ̀dà nínú orúkọ àkóónú

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí GitHub lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìlànà HTTP tí wẹ́ẹ̀bù ń tẹ̀ lé ní hẹ́dà kan tó ń jẹ́ `Accept`, èyí tí ẹni tó ń béèrè fi ń sọ irú àkóónú tó lè gbà: àwòrán ni, ojú ewé ni, tàbí dátà. GitHub dá orúkọ irú àkóónú tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà sínú orúkọ náà:

```
Accept: application/vnd.github.v3+json
```

`vnd` ń sọ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ló ń tẹ̀ lé e, `github` ni ilé-iṣẹ́ náà, `v3` ni ẹ̀dà, `json` sì ni bí wọ́n ṣe to dátà náà. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà yìí ní ìdí tó lágbára. Àdírẹ́sì wà fún ohun náà fúnra rẹ̀, ìrísí tí èèyàn fẹ́ gbà á ní sì wà nínú `Accept`, níbi tí HTTP ti pèsè sílẹ̀ fún un. Lórí GitHub, ẹni tó bá béèrè fáìlì kan lè gbà á bó ṣe wà gan-an tàbí bó ṣe máa hàn lójú búráúsà, láti àdírẹ́sì kan náà, bó bá ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú `Accept`.

GitHub tún fi í dán ohun titun wò. Bí wọ́n bá ní ohun tí kò tíì jinná, wọ́n á fún un ní orúkọ ìnagijẹ tó parí pẹ̀lú `preview`, irú bí `application/vnd.github.squirrel-girl-preview` tó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn àmì ìfèsì kéékèèké tí èèyàn ń tẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọ orúkọ náà ti gbà pé ohun tó ń lò lè yí padà nígbàkígbà.

Nínú iṣẹ́ gidi, ọ̀nà yìí ní ìnira tirẹ̀. Hẹ́dà kan ṣoṣo wá ń ru ẹrù mẹ́ta: ìrísí, ẹ̀dà, àti orúkọ ìdánwò. Ẹni tó nílò ohun ìdánwò méjì ní láti to orúkọ gígùn méjì tẹ̀ léra, bó bá sì ṣi lẹ́tà kan kọ, kò rọrùn láti rí. Búráúsà ò wúlò fún ìdánwò mọ́, nítorí bí èèyàn bá lẹ àdírẹ́sì mọ́ ọn, `Accept` ti búráúsà ló máa lọ. Ẹni tó dákẹ́ sì pọ̀ gan-an níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń fi `Accept: */*` ránṣẹ́, ìyẹn ni pé ohunkóhun tí ẹ bá ní, mo gbà á. GitHub fi inú rere gbà wọ́n. Ẹ̀dà v3 ló ń fún wọn, ó sì ń sọ fún wọn nínú hẹ́dà ìdáhùn pé èyí ni wọ́n gbà:

```
X-GitHub-Media-Type: github.v3; format=json
```

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ API kọ́ àṣà yìí. Èyíkéyìí tí a bá lò nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí sáfà sọ ẹ̀dà tó fi dáhùn. Bí ẹ̀dà tí ẹ béèrè àti èyí tí ẹ gbà kò bá dọ́gba, ẹ ti rí ibi tí ìṣòro wà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ewu kan ṣì kù tó kan hẹ́dà àti irú àkóónú bákan náà. Ká ní ibi ìpamọ́ kan wà láàárín ọ̀nà. Ètò àkọ́kọ́ béèrè ẹ̀dà àtijọ́ láti àdírẹ́sì kan, ibi ìpamọ́ tọ́jú ìdáhùn rẹ̀. Ètò kejì béèrè ẹ̀dà titun láti àdírẹ́sì kan náà. Ojú ibi ìpamọ́ ò kúrò lára àdírẹ́sì. Ó rí i pé ọ̀kan ni, ló bá gbé èyí tó tọ́jú fún ètò kejì, ìyẹn ẹ̀dà tí kò béèrè. Àmì àìsàn yìí ni pé àṣìṣe á máa wá, á máa lọ, bí ibi ìpamọ́ bá ṣe ń gbàgbé tó sì tún ń rántí. Oògùn rẹ̀ ò ju ìlà kan lọ nínú ìdáhùn sáfà:

```
Vary: Accept
```

Ìlà yìí ń sọ fún ibi ìpamọ́ pé kó wo `Accept` pẹ̀lú àdírẹ́sì kó tó pín nǹkan fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ hẹ́dà mìíràn ni ẹ̀dà wà, orúkọ hẹ́dà yẹn ló máa wà lẹ́yìn `Vary`.

Ohun tí GitHub ṣe lọ́dún 2022

Ní November 2022, GitHub yọ ẹrù ẹ̀dà kúrò lórí `Accept`. Ìrísí nìkan ló kù síbẹ̀. Ẹ̀dà wá di ọjọ́, ó sì ní hẹ́dà tirẹ̀:

```
Accept: application/vnd.github+json
X-GitHub-Api-Version: 2022-11-28
```

Ìlànà tí wọ́n gbé jáde pẹ̀lú rẹ̀ tọ́ sí àfiyèsí. Bí ẹ̀dà titun bá jáde, èyí tó ṣáájú rẹ̀ á ṣì ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rìnlélógún ó kéré tán. Ẹni tó bá dákẹ́, `2022-11-28` ló máa gbà, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìwọ̀nba ohun tó bá máa ba nǹkan jẹ́ nìkan ló ń wọ ẹ̀dà titun. Àfikún lásán ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn láìka ẹ̀dà sí.

Kò túmọ̀ sí pé `Accept` burú. Ohun tí GitHub ṣe fi hàn pé ìrísí àti ẹ̀dà kì í yí padà nítorí ìdí kan náà, ó sì rọrùn láti tọ́jú wọn bí wọn ò bá gbé inú gbólóhùn kan. API tó ń fúnni ní ìrísí kan ṣoṣo, tí kò sì ní ju ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta lọ láyé rẹ̀, lè fi `Accept` ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí wàhálà.

Bí a ṣe lè yàn

Bí àwọn tó máa lo API yín bá jẹ́ àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí, tí púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, tí ẹ sì gbà pé ẹ̀dà titun ò ní máa jáde lemọ́lemọ́, ẹ fi nọ́ńbà sínú àdírẹ́sì. Ẹ má sì fi àyè sílẹ̀ fún àdírẹ́sì tí kò ní nọ́ńbà. Bí ìbéèrè kan bá dé láìní nọ́ńbà, ẹ kọ̀ ọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kẹ́ni tó kọ ọ́ lè tún un ṣe nígbà tí ètò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń tún nǹkan ṣe ní kéékèèké lọ́pọ̀ ìgbà, tí owó tàbí ìṣirò àwọn èèyàn sì dúró lé API yín lórí, ọjọ́ inú hẹ́dà ló yẹ yín, pẹ̀lú síso ẹni tó dákẹ́ mọ́ ẹ̀dà tó bá wọlé. Bí agbára yín ò bá tó láti so àkáǹtì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀dà tirẹ̀, ẹ ṣe bí GitHub, kí ẹ fún gbogbo àwọn tó dákẹ́ ní ẹ̀dà kan tí kì í yẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹ kéde. Èyí tí mi ò lè gbà ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ṣe ni pé kí ẹni tó dákẹ́ máa gba ẹ̀dà titun jù lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ẹ̀dà titun jáde, gbogbo àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni nǹkan á bàjẹ́ fún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí wọ́n múra sílẹ̀ sì nìkan ló máa yè é.

Ọjọ́ ńbọ̀ tí ẹ̀dà àtijọ́ máa lọ. Ìlànà kan wà fún kíkéde rẹ̀, RFC 8594 tó jáde lọ́dún 2019, tó jẹ́ kí sáfà lè kọ ọjọ́ ìdágbére sára ìdáhùn kọ̀ọ̀kan:

```
Sunset: Fri, 31 Dec 2027 23:59:59 GMT
```

Ọ̀pọ̀ ètò ò ní kà á, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n kà á. Nítorí náà làwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣe máa ń pa ohun àtijọ́ fún wákàtí díẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, lẹ́yìn náà wọ́n á tún tan án. Bí GitHub ṣe ṣe nìyẹn lọ́dún 2020, kó tó fòpin sí lílo páásìwọ́ọ̀dù lórí API rẹ̀. Àwọn tó ń sùn á jí, wọ́n á sì ní àkókò láti tún ètò wọn ṣe kí ilẹ̀kùn tó tì pátápátá.

Ẹni tó bá fi ẹ̀dà sínú hẹ́dà ní iṣẹ́ kan sí i láti ṣe kó tó débẹ̀, nítorí sáfà kì í kọ hẹ́dà sínú ìwé rẹ̀ bó ṣe ń kọ àdírẹ́sì. Lórí nginx, bí orúkọ hẹ́dà yín bá jẹ́ `Api-Version`, ẹ fi `$http_api_version` kún `log_format`. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan á máa fi ẹ̀dà tó béèrè hàn nínú ìwé náà, èyí tí kò bá sì sọ nǹkan kan á ní àmì `-` níwájú rẹ̀. Ẹ ka iye ìlà tó ní àmì yẹn, kí ẹ wá àkáǹtì tí wọ́n ti wá, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni wọ́n. Bí ẹ ò bá tíì ṣe ìyẹn, kò tíì tó àkókò láti pa ẹ̀dà kankan tì.